Ọmọrí Ìkòkò Abẹ́ Abíyá

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó aráyé létí, kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, pé Ìyá Ọlọ́mọrí kì í dé ìkòkò ilá. Bí ó bá ti da ilá sórí iná, yóò mú ọmọrí ìkòkò náà, yóò fi há abẹ́ abíyá òsì rẹ̀ bí ẹni tó gbé ìwé mímọ́ lọ sí ìsìn, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ilá yóò fi kúrò lórí iná. Bí o bá kí i, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni yóò fi dáhùn. Bí o bá gbé ọmọ tuntun wá hàn án, yóò ní kí o bá òun gbé e dání ná.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oru tó bá gòkè láti ara ilá, tó kan ọmọrí, tó tún kán padà sínú ìkòkò, òun ló ń sọ ilá tútù di ewé gbígbẹ. "Ẹ jẹ́ kó mí," ni ó máa ń wí. "Ẹni tí ẹ bá bò lórí mọ́lẹ̀, ṣé ojú rẹ̀ á dán?"

Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, níbi tí fèrèsé ti kéré, tí ògiri tó ti funfun rí sì ti di aláwọ̀ bọ́tà. Iná ọbẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan kan ẹ̀gbẹ́ èkejì. Ìyá Ọlọ́mọrí ló ni ọ̀kan. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Rédíò ló ni èkejì. Ìdí orúkọ yẹn ni pé láti ìgbà tó bá ti wọlé láàárọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì rí ibi tí wọ́n ti ń pa á. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Èébú ni wọ́n fi ń jí ara wọn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tàbí tí Ìyá Ọlọ́mọrí rò pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ni pé ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ìkòkò, ọ̀bẹ kì í gé e lọ́wọ́. Àwọ̀ ni kò dá mọ̀ mọ́. Ilá tútù àti ilá tó ti ṣú, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi ìtọ́jú ojú ilé ìwòsàn náà, ẹ̀yìn ògiri ìdáná gan-an ló wà. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Ọlọ́mọrí ń gbé ọbẹ̀ lọ fún àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ń kì wọ́n láyà pé iṣẹ́ abẹ ojú kò le rárá, pé ojo nìkan ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Àga àyẹ̀wò wọn, kò jẹ́ fi ìdí kàn án. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ pé alásè ò ríran, ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò gbé e sí, níbi tí àwọn tí iná kò bá gbà mọ́ ti ń fọ àwo. Ó sì ti pinnu pé ìdí iná ni òun yóò ti darúgbó.

Báwo ló wá ṣe ń se ilá? Etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ilá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú omi a máa hó wàràwàrà, ṣùgbọ́n bó bá ti ń yọ̀, híhó náà á falẹ̀, á di pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí bí ilá ṣe ń fà tó, ara ṣíbí ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ ló kù. Àwọ̀ ni Rédíò sì ń bá a sọ, lọ́fẹ̀ẹ́, láìmọ̀.

"Ẹ wo ilá aláìníṣẹ́! Ó tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni tí kò rí ìyà rí!"

Ìyá Ọlọ́mọrí á mọ̀ pé ó ṣì dára.

"Hẹ̀n, ojú ilá rẹ ti fẹ́ ṣú o, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ò sùn sílé!"

Ó di kíá, ìkòkò á kúrò lórí iná. Inú Ìyá Ọlọ́mọrí a sì máa dùn pé òun ń fi ẹnu ọ̀tá se ọbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe ń lọ nìyẹn títí ọ̀gá tuntun fi dé. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì kórìíra eṣinṣin ju gbogbo ìwà ìbàjẹ́ ayé lọ. Ó pe àwọn ìyá méjèèjì, ó ní wọ́n ti ní kí òun yọ iná ọbẹ̀ kan kúrò. Ẹni kan ni yóò dúró tì í. Ẹnì kejì yóò lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ilá ni mo fẹ́ fi yàn án," ni ó wí, "torí ilá ni àwọn aláìsàn ń ṣàròyé rẹ̀ jù. Àwọn kan ní ó dúdú. Àwọn kan ní ó le. Àwọn kan ní ó ń fà láti ẹnu dé àyà. Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ kí ó tutù, kí ó rọ̀ fún ẹni tí ò léyín, kí ó fà, àmọ́ kí ó mọ ibi tó yẹ kó ti já."

"Ọ̀gá," ni Rédíò wí, "ṣé ilá lẹ ń wá ni, àbí ìyàwó?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Ohun kan kù. Bí ẹ bá ti dúró ti iná, ẹ má sọ̀rọ̀. Mi ò fẹ́ kí itọ́ ẹnikẹ́ni ta sínú ọbẹ̀."

Ìyá Ọlọ́mọrí rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Rédíò pa dé yẹn ni ojú òun.

Ata kan náà ni ọ̀gá fún àwọn méjèèjì, tòmátì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilá mọ̀ pé kíkan tòmátì kì í jẹ́ kó fà dáadáa, ó sì ń ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Rédíò gbójú lé ọwọ́ yíyá. Ó fi kaun sí ata, ó dúró kó hó gidi, ó sì da ilá lé e. Ìyá Ọlọ́mọrí gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti fọ ilá rẹ̀ lódindi, ó fi aṣọ nu ún gbẹ kí ọ̀bẹ tó kàn án, nítorí ilá tí omi bá bá níbi tí wọ́n ti gé e, kò tíì rí iná tí yóò ti máa yọ̀. Kò rin ín. Ó gé e wẹ́wẹ́, nítorí pé bí ara ilá bá ṣe já tó ni yóò ṣe fà tó. Ó rẹ kaun díẹ̀ sínú omi gbígbóná, ó jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ silẹ̀, ó ro omi orí rẹ̀ sínú ìkòkò. Díẹ̀ náà ni, torí kaun tó bá pọ̀ á mú ọbẹ̀ dà bí omi ọṣẹ lẹ́nu. Ó gbé ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé ìgbà tí ilá bá jinná tán ni àwọn méjèèjì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ó da ilá sórí iná. Ó fi ọmọrí há abíyá.

Ilé ìdáná dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Eṣinṣin kan wọlé. Ọ̀gá rí i. Ó sáré wá sídìí Ìyá Ọlọ́mọrí, ó rọra ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọrí yẹn."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá." Ó tún há a mọ́ra sí i.

Ọ̀gá wò yíká. Ọmọrí ìkòkò Rédíò wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó há a mọ́bì kan. Ó mú un, ó dé ìkòkò Rédíò jẹ́jẹ́, ó sì lépa eṣinṣin lọ sí fèrèsé. Rédíò kò rí i. Ìkòkò ẹni ẹlẹ́ni ni Rédíò ń wò.

Híhó ilá Ìyá Ọlọ́mọrí ti ń falẹ̀. Pọ̀ọ́. Pọ̀ọ́. Ó gbé ṣíbí sókè, ó wúwo bó ṣe yẹ. Ó fi eyín tẹ hóró ilá kan, ó rọ̀, ó ku bín-ín-tín. Bín-ín-tín yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bó bá yá jù, arúgbó aláìléyín á kígbe. Bó bá pẹ́ jù, á ṣú. Ó tẹjú mọ́ inú ìkòkò títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ṣan àwo yẹn náà ló rí.

"Rédíò," ni ó wí, "ṣé ọ̀fun ń dùn ọ́ ni?"

"Ìyá!" ni ọ̀gá kígbe láti ìdí fèrèsé.

Rédíò kò dáhùn. Kí ló sì máa dáhùn sí? Iná kan ló kù, èèyàn méjì ló ń fẹ́ ẹ. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Ìyá Ọlọ́mọrí. Ọmọrí ń yọ̀ lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Nígbà náà ló gbọ́ ohùn Rédíò, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Gbé e kúrò."

Ẹ̀rù bà á gan-an. Láti ọjọ́ tó ti mọ obìnrin yìí, kò gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ilá rí kí èébú má tẹ̀ lé e. Èyí kò ní èébú nínú. Bóyá irọ́ ni. Bóyá ilá ṣì tutù tí Rédíò fẹ́ kí òun gbé e kalẹ̀ láìjinná. Ìkòkò tún hó lẹ́ẹ̀kan, pọ̀ọ́.

Ìyá Ọlọ́mọrí la apá. Ọmọrí bọ́ sílẹ̀, gbàn-án-gbàn-án-gbàn-án, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò, ó sì da ilá sínú agbada fífẹ̀ tó ti gbé kalẹ̀ lórí omi tútù, kí ooru ìkòkò má baà máa sè é lọ. Bó ṣe ń gbé ìkòkò òfìfo sílẹ̀ ni nǹkan dún ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ṣùúùù! Ilá Rédíò ti ru gba abẹ́ ọmọrí jáde, ó ń ṣàn lórí iná.

"Ta ló dé e?" ni Rédíò pariwo.

Ọ̀gá wúkọ́. Ó rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe nínú àpò rẹ̀.

Ó wá yẹ ilá méjèèjì wò. Ti Rédíò dà bí tábà tí wọ́n rẹ sómi, èyí tó pọ̀ nínú fífà rẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ara iná. Ti Ìyá Ọlọ́mọrí tutù bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọ̀gá po ata mọ́ ọn, ó fi ṣíbí gbé e sókè: ó fà dé àgbọ̀n rẹ̀, ó já. Ó jẹ ẹ́, ó rọ̀.

"Ìyá Ọlọ́mọrí ló ni iná," ni ó wí.

Ìyá Ọlọ́mọrí kò dúpẹ́. Ó kọjú sí èkejì rẹ̀. "Ìwọ, kí lò ń wá nínú ìkòkò mi tí o fi jẹ́ kí wọ́n dé tìrẹ?"

"Ta ni ì bá bá ọ wò ó?" ni Rédíò wí. "Ṣebí láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń pariwo ilá bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kí o lè gbọ́. Àbí o rò pé mo fẹ́ràn ilá rẹ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyá Ọlọ́mọrí yíjú sí agbada ilá rẹ̀. "O ò bú u lónìí."

"Wọ́n ní ká má sọ̀rọ̀. Mo gé e kúrú ni."

Ìyá Ọlọ́mọrí bẹ̀rẹ̀, ó táràrà nílẹ̀ títí ó fi rí ọmọrí rẹ̀. "Ọ̀gá," ni ó wí, "mi ò rí ilá yẹn. Òun ló rí i. Mi ò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni kí ẹ gbé lọ sídìí àwo."

"Ẹ má dá a lóhùn!" ni Rédíò já a gbà. "Àwo wo ni ẹni tí ò ríran fẹ́ fọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn aláìsàn máa jẹ oúnjẹ àná mọ́ tòní ni?"

Ọ̀gá wo ọmọrí, ó wo iná tí ilá ṣàn sí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó dé ìkòkò. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ dúró ti iná kan náà títí wọn yóò fi ṣe ojú Ìyá Ọlọ́mọrí, kí Rédíò sì máa sọ̀rọ̀ bó bá ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kó máa yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yìn ògiri yẹn kan náà ni wọ́n ti ń retí Ìyá Ọlọ́mọrí báyìí. Ó ti gbà láti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláìsàn tí ó ti ń kì láyà tẹ́lẹ̀ ló wá ń kì í láyà. Àwọn dókítà ní àwọ̀ gbogbo ni yóò padà rí, àti tútù àti ṣíṣú. Ohun tí wọn ò tíì sọ fún wa ni pé, bó bá ríran tán, kí ni kí á wá fi Rédíò ṣe?