Òǹtẹ̀ Ẹ̀yìn Ìwé

Màmá Òǹtẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tú ìwé Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá kótópó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Tábìlì méjì. Fèrèsé kan. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni tábìlì kejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun gbé lẹ́tà kan síwájú rẹ̀. Àwọn tó ń rí sí ìwọ̀lú ti dá fáìlì rẹ̀ padà. Ìtumọ̀ ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ kò bá ìwé náà mu. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún un láti tún un ṣe. Ó ku mẹ́ta.

"Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti fojú kan ọkọ mi, mà. Wọ́n á ní mo yí ìwé ni."

Màmá Òǹtẹ̀ fi ìtumọ̀ náà wé ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó tó wà nínú fáìlì, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ìbuwọ́lù àbúrò rẹ̀. Ó yíjú sí i ní tábìlì kejì.

"Ta ló ní kóòtù ló ni òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ìwé yìí?"

"Ìdajì ẹ̀ ò hàn nínú ẹ̀dà, ẹ̀gbọ́n mi. Kóòtù ló so tọkọtaya náà pọ̀, mo bá ní òǹtẹ̀ tiwọn náà ni."

"O ní. Ṣé ojú lo fi rí i ni, àbí ikùn lo fi rò ó?"

Màmá Òǹtẹ̀ fi ìka kan ìlà míì.

"Owó sàdáákì tí ọkọ san fún ìyàwó lójú ẹsẹ̀ àti èyí tó dá dúró di ẹ̀yìn ọ̀la, o rọ́ méjèèjì pọ̀. Àbúrò bàbá ìyàwó ló dúró fún un níbi ìgbéyàwó. Ìwọ kọ bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," obìnrin náà dá sí i, "ẹ ṣáà kọ ohun tí wọ́n bá ń fẹ́ síbẹ̀."

"Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ. Èyí tí kò bá hàn, màá kọ pé kò hàn. Ojúlówó dà?"

Obìnrin náà tú báàgì. Ọ̀rá lórí ọ̀rá. "Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ sọnù. Bọ̀dá ò sì bèèrè ẹ̀."

Màmá Òǹtẹ̀ gbé e sójú fèrèsé. Òǹtẹ̀ róbótó, yíǹkì búlúù, odindi. Ẹ̀rọ ẹ̀dà ló gé ìdajì rẹ̀ kúrò. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló lù ú: wọ́n jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù akọ̀wé kóòtù, wọn ò sì dáhùn fún ohun tó wà nínú ìwé.

Ó tún ìwé náà tú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àkámọ́ tirẹ̀: ìrísí, àwọ̀, ibi tó wà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìbuwọ́lù kan tí kò ṣeé kà, ó ní kò ṣeé kà. Ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ èdè méjèèjì, pé ìtumọ̀ náà pé, ó sì péye. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì.

Ó wá ju bébà funfun kan síwájú àbúrò rẹ̀.

"Kọ lẹ́tà tó máa bá ìtumọ̀ yìí lọ. Kọ pé o ò rí ojúlówó. Kọ pé o méfò."

"Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ mi á bàjẹ́."

"Ti obìnrin yìí lo kọ́kọ́ bà jẹ́."

Àbúrò rẹ̀ kọ ọ́. Màmá Òǹtẹ̀ kà á, ó fà á ya sí méjì.

"O kọ 'àṣìṣe díẹ̀'. Tún un kọ."