Ẹni Mẹ́rin Lẹ́nu Géètì Kan

Ilé alájà mẹ́ta kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Congo Town ni mo ń bójú tó nígbà yẹn. Ọ́fíìsì ló kún inú rẹ̀, ẹni tó ni ín sì ń gbé lókè òkun. Bí omi bá dá, èmi ni wọ́n ń pè. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, èmi náà ni. Èmi ni mo sì ń ṣètò iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì.

Ẹni mẹ́rin ni wọ́n. Ìṣọ́ mẹ́ta la pín ojúmọ́ sí, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ: aago mẹ́fà òwúrọ̀ sí méjì ọ̀sán, méjì sí mẹ́wàá alẹ́, mẹ́wàá sí mẹ́fà. Mọ́kànlélógún nìyẹn lọ́sẹ̀. Ẹnì kan kì í ṣe ju mẹ́fà lọ, kó lè ní ọjọ́ ìsinmi kan. Ẹni mẹ́rin á wá ṣe mẹ́rìnlélógún, ìyẹn ni pé ìṣọ́ mẹ́ta péré ló lé fún àìsàn. Onílé ní ó tó. Mi ò bá a jiyàn.

Òfin kan wà tí kò ṣeé rú: ẹni tó wà lẹ́nu géètì kò gbọdọ̀ kúrò títí ẹni tó máa gbà á yóò fi dé, tí yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Èmi ni mo kọ ọ́ sí ara ògiri.

Nígbà òjò, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìpákè fún ọ̀kan nínú wọn. Mo sọ fún àwọn mẹ́ta tó kù pé kò sí ìsinmi lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n gbà. Lọ́jọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ẹni tó yẹ kó wá gba iṣẹ́ ní aago méjì pè mí. Ibà ti gbé e dè, eyín rẹ̀ ń gbá lu ara wọn lórí fóònù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà lẹ́nu géètì láti òwúrọ̀. Paynesville ló ń gbé, ó sì ń fún ọmọ oṣù mẹ́rin lọ́mú. Mo pe ẹ̀ṣọ́ òru pé kó wá ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dípò mẹ́wàá, kí òun àti obìnrin náà máa pín ojúmọ́ ní wákàtí méjìlá méjìlá. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Mo wá lọ bá obìnrin náà.

“Dúró di aago mẹ́fà fún mi,” ni mo sọ.

Ó fa kóòtù òjò rẹ̀ bo àyà, ṣùgbọ́n mo ti rí i. Wàrà ti jò sára ṣẹ́ẹ̀tì aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, níbi méjèèjì.

“Ol’ Ma,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó dàgbà níbí, “ọmọ mi ò tíì jẹun.”

Mo ti bímọ mẹ́ta. Kò sí ohun tí mi ò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wo òfin ara ògiri náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Ó pe àbúrò rẹ̀ obìnrin pé kó wọ takisí gbé ọmọ náà wá. Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó dé, igbe ọmọ náà ló sì kọ́kọ́ dé etí wa. Obìnrin náà gbé e wọ yàrá kékeré ẹ̀ṣọ́, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé, ó fún un lọ́mú. Èmi dúró lẹ́nu géètì, mo ń ṣí i, mo ń tì í, mo ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò kan láti òkè yọ orí láti inú ọkọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀ṣọ́ dà?”

“Èmi ni,” ni mo dá a lóhùn. Ó rò pé mò ń ṣeré.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ń gbé ọmọ wá lójoojúmọ́, èmi ń dúró sí géètì. Ojú ẹ̀ṣọ́ òru jìn wọnú nítorí àìsùn. Èmi náà kò lè jìnnà sí ilé yẹn, àní títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ìdajì ìsìn ni mò ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ onílé lórí fóònù pé kó jẹ́ ká gba ẹnì karùn-ún. Ó ní àwọn tó ń ṣàìsàn á ṣáà padà.

Wọ́n padà lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn wọlé, obìnrin náà tú aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó fi lé tábìlì mi.

“Mi ò bínú sí yín, Ol’ Ma. Ó ti rẹ̀ mí ni.”

Ẹ̀yìn ìyẹn ni onílé wá gbà fún ẹnì karùn-ún. Mo pe obìnrin náà lórí fóònù pé kó padà wá, a ti máa tó márùn-ún báyìí.

“Tí àwọn méjì bá tún ṣàìsàn pa pọ̀ ńkọ́?” ó bi mí.

Mo ṣírò rẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. Ẹni mẹ́ta, ìṣọ́ méjìdínlógún. Ó ṣì máa fi mẹ́ta dín sí mọ́kànlélógún. Mo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Mi ò tún bẹ̀ ẹ́; mo kí i pé ó dàbọ̀.