Oríkì Àbúrò Mi Lórí Ráútà Tuntun

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni ráútà ìyá mi kú. Iná ti lọ tipẹ́, nígbà tó sì máa padà, ó fi agbára dé. Gílóòbù pálọ̀ tàn yòò, ó sì fọ́. Àpótí funfun kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Nígbà tí mo dé, kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan lára rẹ̀ mọ́.

Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lèmi àti ọkọ mi ń gbé. Mọ́mì, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé nínú ilé wa àtijọ́ ní Fẹ́sítáàkì. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí. Àbúrò mi obìnrin wà nílùú ọba. Èmi tí mo wà nítòsí ni wọ́n ń pè tí omi ò bá yọ, tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, tí oògùn bá tán.

Ráútà tó kú yìí, àbúrò mi ló rà á nígbà tó wá sílé kẹ́yìn. Òun ló gbé kámẹ́rà kọ́ sórí géètì, òun náà ló so tẹlifíṣọ̀n pọ̀ mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kí Mọ́mì lè máa wo ìsìn. Nígbà tó kan orúkọ tí wáìfáì náà máa jẹ́, Mọ́mì ní kó fi oríkì rẹ̀ sí i. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá sílé wa tó ṣí fóònù rẹ̀, oríkì àbúrò mi ni yóò rí. Èmi náà ń rí i. Mi ò ní purọ́, ó máa ń ta mí lára.

Mọ́mì kì í bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ láìkì í. Tó bá ti pè wọ́n báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ohùn wọn á rọ̀ bíi pé ó ṣì wà lẹ́yìn wọn. Èmi ńkọ́? Tí mo bá wọlé pẹ̀lú ẹja láti ọjà Àgbójú, tí òógùn ń kán lójú mi, "O ti dé?" ni wọ́n á sọ. Wọ́n á tún ní kí n rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo lọ ra ráútà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sílé. Mo yọ síìmù inú ti àtijọ́, mo kì í bọ inú tuntun. Wọ́n ti kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tó bá a wá sí ìdí rẹ̀. Mo fi fóònù mi wọ̀ ọ́, mo ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, mo sì débi tí wọ́n ti ń yí orúkọ padà.

Mo wo àyè náà fún ìgbà díẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pa orúkọ ibẹ̀ rẹ́, mo tẹ oríkì tèmi sí i, mo sì fi páswọ́ọ̀dù tó wù mí sí i.

Kò pẹ́ tí Mọ́mì fi pè mí láti orí àga wọn.

"Kí ló dé tí fóònù mi ò rí nǹkan kan?"

"Orúkọ rẹ̀ ti yí padà ni, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n tún un so."

"Orúkọ wo?"

Mo so fóònù wọn. Mo mú rìmóòtù, mo ń yan páswọ́ọ̀dù náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú tẹlifíṣọ̀n títí ó fi wọlé. Ó wá ku kámẹ́rà. Ìyẹn ò ní ojú tí èèyàn lè tẹ nǹkan sí. Orí fóònù ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún un ni wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀, àbúrò mi sì ni. Àfi kó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lórúkọ ara rẹ̀, kí n wá gun àkàbà lọ tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀, kí n tó lè tún un so.

Mo ṣì ń wo òkè géètì nígbà tí fóònù mi dún.

"Sìsítà mi, ẹ káàárọ̀. Kámẹ́rà ti ṣókùnkùn lọ́dọ̀ mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo sọ bí ráútà ṣe jó àti bí mo ṣe fẹ́ gun àkàbà fún un. Mi ò sọ̀rọ̀ oríkì.

"Ẹ má gun nǹkan kan o," ló wí. "Orúkọ àtijọ́ àti páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi sórí tuntun. Àwọn ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé ráútà ti yí padà. Orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń wá. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á wọlé fúnra wọn."

Mo padà sí pálọ̀, mo fi ohùn rẹ̀ sí sípíkà. "Kí ni páswọ́ọ̀dù náà?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bú sí. "Iresijona. I àkọ́kọ́ ni lẹ́tà ńlá. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má sì fi àyè sáàárín."

Mọ́mì pàtẹ́wọ́. "Ọjọ́ tí ìrẹsì jóná! Ọmọ yìí, o ò ní pa mí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Àwọn méjèèjì ń rán ara wọn létí ẹni tó gbàgbé ìkòkò lórí iná àti ohun tí wọ́n jẹ nígbẹ̀yìn. Mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń sọ. Mi ò sí níbẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo di fóònù mú bí ẹni tó ń gbé àtùpà fún àwọn tó ń jẹun.

Mo pa oríkì mi rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ tirẹ̀ àti páswọ́ọ̀dù náà. A dúró, dúró, kò sí ẹ̀rọ kan tó wọlé.

"Ṣé lẹ́tà ńlá lẹ fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà?" àbúrò mi bi mí. "Tó bá jẹ́ kékeré, orúkọ mìíràn nìyẹn lójú wọn."

Mo tún un ṣe, mo sì tún tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á mọ́. Ráútà já fóònù mi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbà á padà. Ká tó mọ̀, fóònù Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wọn ń wọlé léraléra. Tẹlifíṣọ̀n náà wọlé.

"Ó ti dé!" àbúrò mi kígbe. "Mo ń rí géètì!"

Mọ́mì gbé ohùn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n ní Ọlọ́run á máa ràn án lọ́wọ́. Èmi ni mo rìn nínú oòrùn, èmi ni mo tẹ gbogbo rẹ̀. Mo gbé báàgì mi.

"Mọ́mì, èmi kọ́ o," àbúrò mi dá wọn dúró. "Kí ni mo ṣe níbi tí mo wà? Sìsítà mi, ẹ yọ mí kúrò ní sípíkà."

Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo gbé fóònù sétí.

"Ẹ mọ ìdí tí mo fi tètè mọ̀ pé kámẹ́rà ti kú?" ló wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Mo máa ń rí yín tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Mọ́mì á ti dúró lẹ́nu géètì tipẹ́, wọ́n á máa yọjú wo títì. Tí wọ́n bá ti rí mọ́tò yín lókèèrè, wọ́n á yára wọlé lọ jókòó, bí ẹni tí kò retí ẹnì kankan. Mo máa ń jowú yín, Sìsítà mi. Èmi, ẹ̀rọ ni mo fi ń rí wọn."

"Ìwọ? O ń jowú mi?"

"Gan-an ni."

Mo sọ fún un pé màá pè é padà.

Nígbà tí mo wọlé, orin ìsìn ti ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mọ́mì wo báàgì tó wà léjìká mi.

"Ibo lò ń lọ? Mo ti gbé ẹ̀wà kaná."

Mo bọ́ bàtà mi. Owú náà ò tán. Ká tó jẹun, àbúrò mi tún pè, Mọ́mì tún bẹ̀rẹ̀ oríkì láti ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan náà sì tún gún mi láyà. Mo lọ sí kíṣìnnì, mo bu ẹ̀wà sáwo méjì, mo sì fi èyí tó pọ̀ ṣe tèmi.