Owó Iṣẹ́ Tí Ọ̀gá Oníléèwé Kò San

Láti òwúrọ̀ ni ẹ̀rọ méjì ti máa ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Atẹ̀wé. Òórùn yíǹkì ti wọ aṣọ rẹ̀ débi pé ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò nílò lọ́fínńdà. Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, Ọ̀gá Oníléèwé ló sún mọ́ ọn jù. Ìgbà tó ṣì ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ti gbé iṣẹ́ ńlá fún un.

Òun náà ló wá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìyá Atẹ̀wé tẹ ìwé ìdánwò gbogbo kíláàsì fún un, ó sì fi ínfọ́ìsì, ìwé owó iṣẹ́ náà, ránṣẹ́ pé kó san án láàárín oṣù kan. Oṣù kẹrin ti wọlé. Ó rán an létí, ọ̀gá fèsì pé, "Ẹ má bínú, a máa rí sí i." Ó tún rán an létí, kò fèsì rárá. Oníbébà sì ti ní òun ò tà láwìn mọ́.

"Lọ jókòó sẹ́nu géètì iléèwé ẹ̀," ọkọ rẹ̀ sọ. "Táwọn òbí bá rí ẹ, á sanwó."

"Tó bá san án báyẹn, ṣé á tún wá síbí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù dún.

"Ìyá wa! Iṣẹ́ ti dé o. Káàdì èsì ìdánwò ni, a sì fẹ́ ẹ kíákíá."

Ìyá Atẹ̀wé mọ ohùn Ọ̀gá Oníléèwé. Ó pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà, inú mi dùn pé ẹ rántí mi. Ṣùgbọ́n owó ìwé ìdánwò ò tíì wọlé, ó sì ti pẹ́. Mi ò rówó ra bébà tuntun."



"Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi mọ́ ni?"

"Mo fọkàn tán yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá yín sọ ọ́. Tí kò bá ṣeé san lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí méjì, kẹ́ ẹ dá ọjọ́ fún mi. Tí apá kìíní bá ti wọlé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Fóònù já.

 Ìyá Atẹ̀wé tún fi ínfọ́ìsì náà ránṣẹ́ sí i, ó ní kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ ohun tó sọ lórí fóònù sílẹ̀ kedere.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò gbójú sókè.

"Ojú ló ń tì mí, Ìyá wa. Àwọn òbí ò sanwó iléèwé, owó oṣù àwọn tíṣà ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á rọ̀."

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi, sà. Ìdákẹ́ yín ló ń dẹ́rù bà mí."

Ọ̀gá ní ọjọ́ Ẹtì ni òun á san ìdajì, ìyókù di ìparí oṣù. Ìyá Atẹ̀wé kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá níbẹ̀ níbẹ̀.

Ìdajì wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyókù pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá pè kí ọjọ́ tó pé láti sọ fún un, ó sì san án. Nígbà tó tún gbé iṣẹ́ mìíràn wá, Ìyá Atẹ̀wé ní kó san ìdajì ṣáájú. Ọ̀gá kùn díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì san án.