Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n tí Kò Ní Nọ́ńbà

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tí a ń pè ní Ìyá Ìmọ́tótó. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá fi orúkọ àbísọ béèrè rẹ̀ lẹ́nu géètì wa, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti fi jókòó kojú ara wa. Òun ló ń tẹ̀wé, tó ń síkáànì bébà sínú kọ̀ǹpútà, tó ń tò wọ́n di ìwé kan. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì. Iléeṣẹ́ tó ń kó ẹrù kiri ni wá: ọkọ̀ ńlá mẹ́rìnlélógún, awakọ̀ ọgbọ̀n, àti bébà tí kò lóǹkà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó yìí ṣe le tó. Tí ó bá rí àmì ìka lórí bébà, inú á bí i bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ife tíì rẹ̀ kì í kan tábìlì láìsí nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, "Àǹtí, tí èèyàn bá lè lọ omi ní áyọ́ọ̀nù, màmá mi á lọ̀ ọ́." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. "Ọ̀bùn ló ń sọ̀rọ̀ yẹn," ni yóò wí, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ kan tí búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ kọ̀. Ẹni tó ń wà á ni Bàbá Jẹ́jẹ́. A sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ torí pé wọn kì í sáré rárá. Tí ìgbín bá fẹ́ kọjá, wọ́n á yà fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wakọ̀ láìfi ara kan ẹnikẹ́ni. Àfi lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ yẹn wọ odi ilé ìkẹ́rùsí lọ, tí ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ sì kán lẹ́sẹ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àwọn kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọkọ̀ pé búrẹ́ẹ̀kì ò dára. Àwọn ará gáráàjì tó ń tún ọkọ̀ wa ṣe ní irọ́ ni. Tí Bàbá Jẹ́jẹ́ ò bá kọ ọ́, a jẹ́ pé ẹ̀bi tiwọn ni, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ á sì bá a lọ.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí kọ́kọ́ jókòó, Ìyá Ìmọ́tótó ni wọ́n pè láti jẹ́rìí, torí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo fọ́ọ̀mù ń gbà kọjá. Ó dìde, ó dúró ṣánṣán.

"Mo ti wo fọ́ọ̀mù ọjọ́ yẹn," ló wí. "Wọn ò kọ nǹkan kan nípa búrẹ́ẹ̀kì sí i."

Bàbá Jẹ́jẹ́ yíjú sí i. "Ìyá Ìmọ́tótó, mo kọ ọ́ o. Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́."

"Bàbá, ohun tí ojú mi rí ni mo sọ."

Bébà fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Tí oṣù bá ti parí, tí a ti síkáànì gbogbo ẹ̀ tán, ẹ̀rọ la fi ń gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà la gbẹ́kẹ̀ lé. Èmi náà gba Ìyá Ìmọ́tótó gbọ́. Mo tiẹ̀ ń wí káàkiri pé kò yẹ kí àgbà máa purọ́. Ẹ wo ẹnu mi bí ẹnu kí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó kẹ́yìn, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Agogo mẹ́jọ ò tíì lù tán tí Ọ̀gá wa fi wọlé.

"Ìyá Ìmọ́tótó, ẹ dákun, fáìlì ìwádìí yẹn ni. Ìyá Alága ìgbìmọ̀ ní àwọn ò lè máa ṣí ìwé tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àkọlé sí òkè rẹ̀. Ẹ má fi sí èèpo iwájú o. Èyí tó bá tẹ̀ lé èèpo ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní ọ̀kan."

"Ó ti parí, sà," ni Ìyá Ìmọ́tótó wí.

Fáìlì PDF ni, ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún pẹ̀lú èèpo: lẹ́tà, fọ́tò odi tó wó, fọ́ọ̀mù lóríṣiríṣi. A ti tò ó tán, kò sí pé à ń tún un tẹ̀. Ó kàn ní kí ẹ̀rọ kọ àkọlé lé e lórí ni: "Ìwádìí Ìjàǹbá Ọkọ̀ Kejìlá" lókè, nọ́ńbà láàárín nísàlẹ̀, láti ojú ìwé kejì títí dé òpin. Nígbà tó wò ó, èèpo mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ èjì. Ó pòṣé.

"Kí ló tún ṣe?" ni mo bi í.

"Èèpo ò gba nọ́ńbà, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń kà á mọ́ wọn. Ibi tí nọ́ńbà ti máa bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ fún un, mi ò sọ iye tó máa fi bẹ̀rẹ̀."

Kò kọ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, torí nọ́ńbà méjì ni ìbá jókòó lórí ara wọn. Ó ti fáìlì náà láìpa á mọ́, ó tún èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ṣí, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kejì, kí iye sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí ó bọ́ sí i: ọ̀kan títí dé mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ẹlòmíì á ti tẹ̀ ẹ́ síta nìyẹn. Òun kọ́, ó ní àfi kóun fojú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kà dé ọgbọ̀n, ó dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní àkọlé, kò sì ní nọ́ńbà. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní, méjìlélọ́gbọ̀n sì ló ń jẹ́.

"Wá wo nǹkan," ló wí. "Ẹ̀rọ kà á. Ó kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n síbì kan, àwa ni a ò rí i."

Mo sún mọ́ ọn. Ojú ìwé náà kéré ju àwọn yòókù lọ. Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò Ọkọ̀ Kejìlá ni, ti òwúrọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá gan-an.

"Ta ló gé etí rẹ̀?" ni mo bi í.

"Èmi ni. Ọjọ́ tí mo síkáànì ẹ̀ ni. Ó wọ́, òjìji dúdú yí i ká, epo ọkọ̀ sì kún orí rẹ̀. Mo gé e kó lè rí bí ìwé ọmọlúàbí."

"Ṣé ohun tí o gé ò ti lọ ni?"

"Rárá o. Bí ẹni ta kọ́tìnnì ni gígé inú PDF. Ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì ò lọ síbì kan. Ẹ̀rọ tiwa yìí, láti etí odindi bébà ló ti ń wọn ibi tó máa kọ nǹkan sí, kì í ṣe láti etí ibi tí à ń rí. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló kọ nọ́ńbà sí."

Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ojú ìwé padà di odindi. Ó gbòòrò. Òjìji dúdú yọ, epo yọ, nọ́ńbà yọ nísàlẹ̀, àkọlé yọ lókè pátápátá. Lábẹ́ àkọlé yẹn, nínú epo, ìlà méjì wà tí wọ́n fi báírò búlúù kọ gátagàta:

"Búrẹ́ẹ̀kì ń wọlẹ̀ láìdúró. Mo sọ ní gáráàjì lánàá. Ẹ má jẹ́ kí n gbé e jáde."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ibi tí fọ́ọ̀mù yẹn fi sílẹ̀ fún àlàyé ò tó ìka kan. Òkè tó ṣófo ni Bàbá Jẹ́jẹ́ wá kọ tiwọn sí. Ìyá Ìmọ́tótó ti ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Mo gé e," ló ń wí. "Mo gé e, mo wá lọ dúró níwájú wọn, mo ní wọn ò kọ nǹkan kan. Mo gbé! Ọ̀rẹ́ mi, mo gbé!"

Ẹyin lohùn. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í já mi fún un. Ẹ̀rí tó jẹ́ wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀, ẹni tó bá sì gé ẹ̀rí kúrò nínú ìwé iléeṣẹ́, wọn kì í bi í bóyá ìmọ́tótó ló ń ṣe é. Mi ò ní purọ́, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ.

"Gé e padà. Fa àkọlé ojú ìwé yìí nìkan wálẹ̀ díẹ̀, kó bọ́ síbi tí à ń rí. Á bá àwọn yòókù dọ́gba. Ta ló máa mọ̀?"

Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ìlà méjì yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀dà márùn-ún ló tẹ̀, pẹ̀lú epo, pẹ̀lú òjìji, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀.

Ní yàrá ìpàdé, Ìyá Alága ń ṣí ìwé wọn lọ pẹ̀lú ìka tútù. Wọ́n dúró.

"Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Kí ló dé tó dọ̀tí báyìí?"

Ìyá Ìmọ́tótó dìde.

"Ìyá, ìdọ̀tí ni mo pè é nígbà yẹn, mo gé e kúrò. Àárọ̀ yìí tí mò ń fi nọ́ńbà sí i ni mo rí ohun tí mo gé. Ẹ̀rí tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí, kì í ṣe òótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orí rẹ̀."

Wọ́n kà á sókè. Olórí gáráàjì wolẹ̀, Ọ̀gá wa ya ẹnu, kò sì rántí pa á dé. Ìyá Alága bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún un gbé wọ̀, wọ́n yíjú sí olórí gáráàjì.

"Ẹ̀bi kúrò lọ́rùn awakọ̀ yìí," ni wọ́n wí. "Gáráàjì ni a máa bá sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo ro pé Bàbá Jẹ́jẹ́ á fò sókè, pé wọ́n á bú wa, a kúkú tọ́ sí i. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé ìwé náà wá. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà.

"Ọwọ́ mi nìyí," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Wọ́n gbójú sókè sí Ìyá Ìmọ́tótó. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe àṣìṣe lẹ ní mi ò kọ ọ́. Mo bá gbà. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé orí mi ti ń dàrú, pé bóyá mi ò kọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ tó lọ ló mú mi lọ rí dókítà."

Ìyá Ìmọ́tótó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo èèyàn.