Kí Lo Fi Ṣe Àbúrò Rẹ?

Ọmọ méjì péré ni mo bí, ọkùnrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọ́ ariwo ilé wa ní Uselu, ní ìlú Benin, ẹ ó ní mo bí ogún. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, àbúrò jẹ́ mẹ́jọ. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba. Bàbá wọn ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Tí wọ́n bá ti ń jà, á gbé ìwé ìròyìn bojú, á ní kí n lọ yanjú ẹ̀. Mo yanjú ẹ̀ títí, kò yanjú.

Ẹ̀sùn kan náà ni lójoojúmọ́: "Mọ́mì, ẹ fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ." Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ ọ́ jù, àbúrò náà kì í sì í gbẹ́yìn. Mo ní, ṣé torí ẹran ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wọn ẹran bíi pé góòlù ni. Mo ra bàtà kan náà fún wọn, àbúrò ní ti ẹ̀gbọ́n òun tóbi ju tòun lọ. Ẹ gbà mí o! Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló kéré! Mo rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi, mo sì fẹ́ẹ̀ sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ "gbàà!" ní pálọ̀. Rédíò bàbá wọn ti já bọ́, ó fọ́. Àbúrò ń sunkún. N kò tíì wọlé tán tí mo ti kígbe mọ́ ẹ̀gbọ́n: "Kí lo fi ṣe àbúrò rẹ?" Mo wá yíjú sí àbúrò: "Ọkọ mi, kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?" Ó nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó parí. Mo gbá ẹ̀gbọ́n létí, mo ní kó kúnlẹ̀, mo pè é ní àgbàyà. Ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè.

Nígbà tí mo fi máa se oúnjẹ ọ̀sán tán, kò sí lórí ìkúnlẹ̀ mọ́. Báàgì ilé-ìwé rẹ̀ náà ò sí. Yéè, mo gbé! Fóònù alágbèéká ò tíì dé nígbà náà. Àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá títì ni mò ń bi léèrè, tí mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Gáréèjì ni mo ti bá a, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ló fẹ́ lọ, dírẹ́bà ló ní òun ò gbé ọmọdé tó dá wà.

Mo ní kí la ṣe fún un. Yorùbá tí kì í fẹ́ẹ́ sọ nílé ló fi dá mi lóhùn, ó ń kọsẹ̀ nínú ẹ̀: "Mọ́mì, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa ń bi mí pé kí ni mo ṣe. Ẹ máa ń bi òun pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ò bi mí rí pé kí ló ṣẹlẹ̀."

Mo bi í níbẹ̀. Àbúrò ló gun àga kó lè yí rédíò, òun ló ń sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀. Ojú tì mí. Ẹ̀rù tún bà mí, torí mo rí i pé ọmọ mi lè bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n ṣì máa wọn ẹran.

Mo sáré lọ bá ìyá kan ládùúgbò tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó ní: "Ohun tí ojú rẹ ò rí, má dá a lẹ́jọ́. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ tán, kí èkejì má já lù ú, kí wọ́n jọ wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Tó bá ní o fẹ́ràn èkejì jù, má búra fún un. Bi í pé kí lo ṣe tó fi rí i bẹ́ẹ̀. Má fi wọ́n wéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyìn lò ń yìn wọ́n. Bàtà ẹni tó bá já ni kí o pààrọ̀. Kí o sì wá àyè gbọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀." Ó ní tó bá di ẹran, kí ọ̀kan gé e, kí èkejì kọ́kọ́ mú.

Mo ṣe é. Ìjà ẹran tán lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ bá wá wo bí ẹni tó ń gé e ṣe ń tẹjú mọ́ ọ̀bẹ! Ẹ̀gbọ́n ń bá mi lọ sọ́jà ní Sátidé, àwa méjì péré. Àbúrò ń ka ìwé fún mi nírọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí mọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwo fọ́ ní kíṣìnnì. Mo rọra wọlé, mo kó ẹnu mi níjàánu, mo ní: "Ẹ̀yin méjèèjì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kí àbúrò tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti kúnlẹ̀, ó ti nawọ́ sókè.

"Èmi ni, Mọ́mì."

Àbúrò wò ó, ó wò mí, ó ní: "No be am o. Na me."

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n dìde, pé mo ti gbọ́, pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kò burú, ó ti mọ́ òun lára. Mo na ọwọ́ sí i. Kò dìde.