Kọ Bẹ́ẹ̀ni tàbí Bẹ́ẹ̀kọ́

Ìyá Déètì ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Bí o bá bi í pé ìgbà wo ni ìpàdé, o ò ní gbọ́ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" lẹ́nu rẹ̀ láé. Á dá ọjọ́ fún ọ, á dá aago fún ọ, á wá wò ọ́ lójú pé kí o sọ ọ́ padà fún òun. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ sọ pé òun máa fẹ́ ẹ, déètì ló kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má dá àwọn nọ́ọ̀sì lóhùn. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ikọ̀ oníṣẹ́ abẹ máa ń ti òkè òkun wá láti tún ọkàn àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù ṣe. Ìyá Déètì ló ń fi ímeèlì ṣètò ìgbà tí wọ́n máa wá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wọn, kì í sì í ṣe tiwa. Aṣọ àyálò ni lọ́rùn tọ̀tún-tòsì. Akọ̀wé tó jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀ kọ nọ́ńbà 4, ó fa ìlà, ó kọ 6. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ló ní lọ́kàn. Àwọn ti ọ̀hún ka ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, ni wọ́n bá kó ẹrù wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, kò sẹ́ni tó wá pàdé wọn. Ìtìjú yẹn ló gbé Ìyá Déètì débi iṣẹ́.

Látìgbà náà, orúkọ oṣù ló ń kọ, kì í fi nọ́ńbà dípò rẹ̀. Bó bá kọ aago ìlú tiwa, á kọ ti ìlú wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwọn wọ́n máa ń sún aago síwájú níparí oṣù kẹta, tiwa kì í sì í sún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń wà nínú létà kan. Gbólóhùn á kúrú, ìbéèrè á ní nọ́ńbà, ìlà tó gbẹ̀yìn á sì sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago náà padà sí mi." Òwe àti àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì? Èèwọ̀! Ọ̀gá dókítà sì fẹ́ràn wọn bí ẹni fẹ́ràn orun àárọ̀.

"Kọ ọ́ sí wọn pé bọ́ọ̀lù ti wà ní pápá wọn," ni ọ̀gá máa ń wí.

"Ọ̀gá, a ò bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé kí n kọ pé à ń retí èsì wọn di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá?"

"Gẹ̀ẹ́sì jẹ́lé-ó-sinmi lo ń kọ yìí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó sì ń yé wọn."

Obìnrin kan ló ń dá a lóhùn láti ọ̀hún, akọ̀wé bíi tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn, wọn ò rí ojú ara wọn rí. Nígbà tí ikọ̀ náà ní kí wọ́n ṣe fọ́ọ̀mù kan tí ilé ìwòsàn á máa kún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú kí àwọn tó wọkọ̀ òfurufú, Ìyá Déètì ló jókòó tó kọ ìbéèrè mọ́kànlá inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ tó fi jẹ́ pé kò síbi tí èèyàn lè sá sí. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan? Kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́." "Ṣé ẹ̀rọ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tutù tó sì ń mú un gbóná padà ń ṣiṣẹ́ lónìí? Kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́." Inú rẹ̀ dùn sí fọ́ọ̀mù yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ṣe púlọ́ńbà. Ó ní ọmọ kan, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní Màmá Kékeré nítorí pé bí àgbà ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti sáré díẹ̀, ètè rẹ̀ á dúdú, á lóṣòó sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí o bá bi í pé kí ló ṣe é, á ní, "Ẹ jẹ́ n sinmi, ara ti ń dàgbà." A ó rẹ́rìn-ín, omijé á sì lé sójú ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó dúró fún ọdún méjì kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ tún ọkàn wọn ṣe. Òun ni nọ́ńbà keje nínú ọmọ méjìlá, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta. Lọ́jọ́ tí Ìyá Déètì fi ìwé náà ránṣẹ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà, ó fi gbólóhùn kan tí kò bá iṣẹ́ tan kún un: "Nọ́ńbà keje jẹ́ ọmọ àbúrò mi."

Obìnrin ọ̀hún dá a lóhùn: "Inú mi dùn. A máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé ni fọ́ọ̀mù dé. Ìyá Déètì bẹ̀rẹ̀ sí í kún un, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni, títí ó fi kan ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀. Ó rìn lọ bá ẹnjiníà nínú yàrá ìsàlẹ̀, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Màmá, ó ń gbìyànjú. Tó bá ti pé ogójì ìṣẹ́jú, omi rẹ̀ ò ní gbóná mọ́. A ti béèrè fún páàtì tuntun tí a máa fi pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ni àbí bẹ́ẹ̀kọ́?"

Ẹnjiníà nu ọwọ́. "Bẹ́ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n tí páàtì bá dé…"

"Ìgbà wo ló ń dé?"

"Wọn ò dá ọjọ́."

Ó gòkè padà lọ bá ọ̀gá dókítà. Ọ̀gá ò bínú. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bínú. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Kọ ọ́ pé gbogbo ètò ń lọ bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ á ti bọ̀ sípò kí wọ́n tó dé. Tí o bá kọ bẹ́ẹ̀kọ́, wọ́n á fagi lé e, ilé ìwòsàn mìíràn ló máa gba ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ méjìlá ló wà lórí ìwé o, tìrẹ sì wà níbẹ̀."

"Ọ̀gá, ohun tí wọ́n bi wá ni pé ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí."

"Ta ló kọ ìbéèrè bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Èmi ò ní bá ọ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́."

Ó ṣe bí ẹni lọ sílé jẹun, ilé àbúrò rẹ̀ ló lọ. Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá Kékeré jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ike tí kò ní omi bu omi fún bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ kọ bẹ́ẹ̀ni."

"Wọ́n máa dá ọkàn rẹ̀ dúró kí wọ́n tó tún un ṣe. Wọ́n á mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù. Tí ẹ̀rọ ò bá mú un gbóná padà ńkọ́?"

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́? Ẹ wo ètè ẹ̀. Ẹ wò ó! Ẹ bá mi pa irọ́ kan ṣoṣo, mi ò ní bẹ̀ yín fún nǹkan mọ́ láyé."

Ó padà síbi iṣẹ́, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà títí ojú fi ń ta á. Gẹ̀ẹ́sì olówe tí ọ̀gá fẹ́ràn, ọjọ́ yẹn ni ó rí ìwúlò rẹ̀: èèyàn lè kó ara rẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Inú Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni. Ó bú fọ́ọ̀mù, ó bú ara rẹ̀ tó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ronú nípa ọmọ kan lórí tábìlì, ọkàn rẹ̀ ti dúró, ẹ̀rọ ti tutù, àwọn dókítà sì ń wo ara wọn lójú. Ó kọ bẹ́ẹ̀kọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Ikọ̀ náà ò ní wá lóṣù kẹta. Ọjọ́ tuntun ni ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ohun tójú rí. Páàtì dé lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ó ku ọjọ́ mẹ́fà sí ọjọ́ tí ọmọ yẹn ì bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ti ń gbóná, ó ń tutù, bí tuntun. Ìyá Déètì kọ̀wé lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ṣé ẹ lè wá ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta? Kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́." Bẹ́ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ. Ilé ìwòsàn mìíràn ti gba ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹnjiníà ò lè wò ó lójú mọ́. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ nípa páàtì náà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì.

Màmá Kékeré kú ní ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Ilé ni ó wà, lórí ìlóṣòó. Nígbà tí Ìyá Déètì dé, àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín. Ẹ ní déètì láti kọ." Ohun tó sọ gbẹ̀yìn fún un nìyẹn, títí di òní.

Ọjọ́ Ajé ló padà sídìí tábìlì. Ìwé àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí ó kọ ọ́ pé ọmọ náà ti sùn, pé ó ti lọ sinmi. Ó mi orí. Ó mọ ẹni tí òun ń kọ̀wé sí. Ó kọ ọ́ pé: "Nọ́ńbà keje kú ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Ọmọ mọ́kànlá ló kù. Ẹ má ṣe yí nọ́ńbà àwọn yòókù padà. Aago wọn kò yí padà." Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe rí: bí a bá yí nọ́ńbà padà láàárín ọ̀nà, ọmọ kan lè bọ́ sórí tábìlì ọmọ mìíràn. Nítorí náà ó fi àyè keje sílẹ̀ lófìfo.

Èsì dé kí wákàtí kan tó pé.

"Mo rí i. Ọmọ mọ́kànlá. Nọ́ńbà kò yí padà.

Ìbéèrè kìíní: Ṣé nọ́ńbà keje yìí ni ọmọ àbúrò rẹ? Kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́.

Ìbéèrè kejì: Ṣé o fẹ́ kí ẹlòmíràn máa kọ létà wọ̀nyí fún oṣù karùn-ún? Kọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́."

Ìyá Déètì ka á lẹ́ẹ̀mẹta. Látọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, kò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó sunkún níbẹ̀, gbangba, àwọn nọ́ọ̀sì rí i. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó sì dáhùn.

Kìíní: bẹ́ẹ̀ni.

Kejì: bẹ́ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé aago iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti nọ́ńbà kìíní.